Fídíò ìṣẹ́jú àáyá 30: ìdí la ti ń kọ ọ́ wá sórí

Ẹni tó ń kiri mọ́ínmọ́ín ti mọ iṣẹ́ yìí kí fóònù tó dé. "Ẹ bá mi ra mọ́ínmọ́ín o, ó gbóná fẹlifẹli!" Ẹ yẹ ìpolówó yẹn wò. Ẹyin lè wà nínú mọ́ínmọ́ín náà. Ó lè jẹ́ pé ewé ló fi pọ́n ọn, kì í ṣe ọ̀rá. Ó lè jẹ́ pé tiẹ̀ ló tóbi jù ládùúgbò. Kò sọ ìkankan níbẹ̀. Ó gbóná, ó tán. Ẹni tó jókòó sínú ilé ti mọ ohun tó ń kọjá lọ, ó ti mọ ìdí tó fi yẹ kó dìde báyìí, ó sì ti mọ ohun tí wọ́n ní kó ṣe.

Fídíò ìṣẹ́jú àáyá 30 kò ju ìpolówó yẹn lọ. Ẹ̀rí nìkan ló ráyè fún tí oníkiri kò ráyè fún. Orúkọ mẹ́ta ni mo fún àwọn apá rẹ̀ nínú iṣẹ́ mi. Ìdánidúró ni ohun tó mú kí èèyàn dá àtàǹpàkò dúró tí kò fi yí fídíò yín kọjá. Kókó ni ohun kan ṣoṣo tẹ́ ẹ fẹ́ kó gbé lọ. Ìpè ni ohun tẹ́ ẹ ní kó ṣe. Bí wọ́n ṣe tẹ̀ léra nínú fídíò nìyẹn, àmọ́ ẹ má ṣe kọ wọ́n bẹ́ẹ̀. Ìpè ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ kọ, kókó tẹ̀ lé e, ìdánidúró gbẹ̀yìn. Màá fi iṣẹ́ kan tí mo ṣe fún ìyá aláàdìrẹ kan ní Ìtòkú, l'Abẹ́òkúta, ṣàlàyé ìdí rẹ̀.

Ìyá ti ṣe fídíò kan fúnra wọn kí wọ́n tó pè mí. Wọ́n kí gbogbo èèyàn, wọ́n dárúkọ ara wọn, wọ́n júwe ìsọ̀ wọn, wọ́n ní àwọn ń ta àdìrẹ ẹlẹ́kọ, wọ́n ń ta oníko, wọ́n ń ta kàm̀pálà, wọ́n ń gba iṣẹ́ aṣọ ẹbí, wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí Èkó, owó ẹ̀ kò wọ́n, kí Ọlọ́run bá wa ṣe é. Ohun mẹ́sàn-án, yàtọ̀ sí àdúrà. Nínú ìṣẹ́jú àáyá 30, ńṣe ni wọ́n ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ajá ń lé. Mo ní kí ọmọ wọn tó wo fídíò náà lẹ́ẹ̀mejì sọ ohun tó rántí fún mi. Ó ní, "Màmá ń ta àdìrẹ." Èyí tó ti mọ̀ látìgbà tí wọ́n ti bí i nìyẹn.

Ìpè ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ kọ

Mo bi ìyá pé kí ni wọ́n fẹ́ kí ẹni tó bá wo fídíò yìí ṣe. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, kó wá rà á ni o." Ó dáa, àmọ́ ta ló ń wò ó? Orí status WhatsApp ni wọ́n máa ń gbé fídíò sí. Àwọn tó ń rí i níbẹ̀ ni àwọn tí nọ́ńbà wọn wà nínú fóònù ìyá, tí nọ́ńbà ìyá náà sì wà nínú tiwọn, àtàwọn tí wọ́n bá tún un pín fún. Ọ̀pọ̀ wọn wà l'Ékòó. Àwọn kan wà ní Peckham, ní London. Alẹ́ ni wọ́n ń wò ó, lórí ibùsùn. Tẹ́ ẹ bá sọ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ pé kó wá sí Ìtòkú, á ní òun á wá, kò sì ní wá, torí pé ohun tẹ́ ẹ ní kó ṣe kò ṣeé ṣe ní ibi tó wà.

Ohun tí èèyàn lè fi àtàǹpàkò ṣe kó tó gbé fóònù sílẹ̀ ni kẹ́ ẹ ní kó ṣe. Fún ìyá, a fẹnu kò sórí pé kó fi ọ̀rọ̀ kan ránṣẹ́ lórí WhatsApp, kí ìyá sì fi àwòrán aṣọ tó wà nílẹ̀ dá a lóhùn. Àti ibẹ̀ dé orí owó, ìyá mọ ọ̀nà náà jù mí lọ. Iṣẹ́ fídíò ni kó dé ẹnu ìbéèrè yẹn, kì í ṣe kó ta aṣọ.

Ìpè kan ṣoṣo ni o. Mo mọ̀ pé wọ́n ti mọ́ yín lára láti máa gbọ́ "ẹ tẹ̀ lé wa, ẹ pín in, ẹ pè wá, ẹ yà wá." Ẹni tí wọ́n gbé iṣẹ́ mẹ́rin síwájú á kọ́kọ́ ronú èyí tó máa ṣe, ibi tó ti ń ronú lọ́wọ́ ni fídíò ẹlòmíràn á ti gbà á lọ́wọ́ yín.

Ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ bá ní kó tẹ̀ náà gba àròjinlẹ̀. Ẹlẹ́kọ ló kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn, àmọ́ ọ̀pọ̀ fóònù kò ní ẹ àti ọ lójú kan, àwọn míì á sì máa rò ó bóyá báwọn ṣe tẹ̀ ẹ́ tọ̀nà. Mo wá mú aró. Lẹ́tà mẹ́ta ni, kò sí àmì lábẹ́ ìkankan, ẹni tó bá sì tẹ ARO láìfi àmì ohùn sí i, ìyá mọ ohun tó ń wí. Àǹfààní kejì ni pé bí ìyá bá ti rí ARO, wọ́n mọ̀ pé fídíò yìí ló mú un wá, kì í ṣe ẹni tó kàn fẹ́ kí wọn.

Nọ́ńbà fóònù ńkọ́? Òǹkà 11 ni nọ́ńbà wa. Tẹ́ ẹ bá kà á jáde kó yéèyàn, á gbà yín tó ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún sí mẹ́fà, ìyẹn ìdá márùn-ún gbogbo ohun tẹ́ ẹ ní, kò sì sí ẹni tó di bírò mú lórí ibùsùn. Ẹ kọ ọ́ sójú fídíò. Ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀ látìgbà tí ìpè ti bẹ̀rẹ̀ títí fídíò fi máa parí. Tó bá jẹ́ pé àwọn ará òkè òkun wà nínú àwọn tẹ́ ẹ ń bá sọ̀rọ̀, ẹ yọ òdo àkọ́kọ́ kúrò, kẹ́ ẹ fi +234 sí i, torí òdo yẹn kò ní gbé wọn dé ọ̀dọ̀ yín láti London. Orí rédíò nìkan ni ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀: níbẹ̀, ẹ gbọ́dọ̀ ka nọ́ńbà, ẹ sì gbọ́dọ̀ kà á lẹ́ẹ̀mejì, kí kókó yín sì kúrú sí i.

Kókó: ohun tí wọ́n ń bi yín kí wọ́n tó yọ owó

Nínú ohun mẹ́sàn-án tí ìyá kà sílẹ̀, èwo la máa mú? Èmi kì í béèrè èyí tó dára jù nínú wọn lọ́wọ́ ọlọ́jà, torí gbogbo ẹ̀ ló dára lójú ẹni tó ni ín. Ohun tí mo máa ń béèrè ni pé: kí ni oníbàárà máa ń bi yín nígbà tó ti fọwọ́ kan ọjà, tó ti fẹ́ràn ẹ̀, àmọ́ tí kò tíì mówó jáde?

Ìyá kò rò ó rárá. "Wọ́n á ní ṣé kì í ṣí. Wọ́n á ní èyí táwọn rà lọ́jọ́sí, ó kó aró ran gbogbo aṣọ funfun táwọn rẹ pọ̀."

Kókó wa nìyẹn. Kò sí nínú ohun mẹ́sàn-án yẹn. Ìyá kò kà á sí nǹkan tó yẹ kí wọ́n polówó, torí ojoojúmọ́ ni wọ́n ń dáhùn rẹ̀. Bó ṣe máa ń rí nìyẹn. Ohun tó sú ọlọ́jà láti máa sọ ni oníbàárà tuntun ń wá etí tó máa fi gbọ́.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ níbi aṣọ yìí, torí ẹni tí kò bá mọ ìdí ohun tó ń sọ á purọ́ láìmọ̀. Àdìrẹ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú aró máa ń gbé aró tí kò mú okùn aṣọ dáadáa dání. Èyí tó kàn lẹ̀ mọ́ ọn lára yìí ló máa ń jáde nígbà àkọ́kọ́ tí wọ́n bá fọ̀ ọ́, òun náà ló ń ran aṣọ mìíràn. Aláró tó mọṣẹ́ máa ń ṣan aṣọ léraléra kó tó sá a. Ìyá ní omi mẹ́rin làwọn fi ń ṣan tiwọn, nígbà míì márùn-ún, títí omi ìkẹyìn á fi mọ́. Mo ní, "Ìyá, ṣé ká wá sọ pé kì í ṣí láéláé?" Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Aṣọ wo ni kì í ṣí? Tó o bá sá a sóòrùn lójoojúmọ́, ìwọ alára á ṣí." Nítorí náà, a kò lè sọ pé kì í ṣí. A lè sọ pé a ti ṣan án kó tó dọ́wọ́ oníbàárà, kò sì ní sọ omi fífọ̀ di dúdú. Èyí tó kéré yẹn ló lágbára jù, torí a lè fi hàn lójú fídíò. Ẹ̀rí tí kò bá ṣeé fi hàn láàárín ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, ẹ jẹ́ kó lọ.

Bẹ́ ẹ ṣe máa mọ̀ bóyá kókó yín jẹ́ ẹyọ kan rèé. Ẹ parí gbólóhùn yìí lẹ́ẹ̀kan náà láìmí: "Ẹni tó bá wo fídíò yìí á mọ̀ pé…" Tẹ́ ẹ bá ti gbọ́ "àti" tàbí "bẹ́ẹ̀ náà ni" lẹ́nu ara yín, méjì ló wà níbẹ̀. Tiwa ni: ẹni tó bá wo fídíò yìí á mọ̀ pé wọ́n ti ṣan àdìrẹ yìí títí omi fi mọ́. Ó tó.

Ìyá ò fẹ́ kí ohun mẹ́sàn-án yẹn ṣòfò, ó sì yé mi. Mo kọ wọ́n sí ẹ̀yìn ìwé, fídíò kọ̀ọ̀kan fún ìkọ̀ọ̀kan. Ọnà Ìbàdàndùn nìkan, pẹ̀lú àwọn òpó gbọ̀ngàn Mápó tí wọ́n yà sínú rẹ̀, ó gba ìṣẹ́jú àáyá 30 tirẹ̀, kódà ó máa dùn ju èyí lọ. Àmọ́ tí mo bá gbé Mápó wọ inú abọ́ omi yìí, àwọn èèyàn á máa wo òpó, wọn ò ní rí omi.

Àwọn nǹkan kan wà tí ìṣẹ́jú àáyá 30 kò lè gbé rárá. Ohun tó bá ní ìwọ̀n mẹ́ta mẹ́rin tí èèyàn gbọ́dọ̀ rántí, bí i bí wọ́n ṣe ń po aró, ẹ má ṣe é. Ẹni tó gbọ́ ìdajì rẹ̀ á ba aṣọ jẹ́, á sì ní ẹ̀yin lẹ kọ́ òun. Tó bá sì jẹ́ oògùn tàbí oúnjẹ inú ike lẹ̀ ń tà, ẹ kọ́kọ́ lọ gba àṣẹ ìpolówó lọ́wọ́ NAFDAC. Kò sí bí ìdánidúró ṣe lè dára tó tó lè gbà yín lọ́wọ́ ìyẹn.

Ìdánidúró: inú ẹ̀rí ló wà

Ibí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń fi ọjọ́ mẹ́ta ronú, torí pé orí ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ti mọ kókó yín, tẹ́ ẹ sì ti mọ ẹ̀rí tẹ́ ẹ máa fi hàn, ìdánidúró wà nínú ẹ̀rí náà. Ẹ wá ìṣẹ́jú tí nǹkan fẹ́ ṣẹlẹ̀ nínú ẹ̀rí, tí ẹni tó ń wò kò tíì mọ bó ṣe máa rí, kẹ́ ẹ gbé e síwájú. Tiwa ni ọwọ́ ìyá tó mú àdìrẹ tuntun, ó dúdú minimini, ó wà lókè abọ́ tánńganran funfun tó kún fún omi tó mọ́ gaara. Ẹnikẹ́ni tó bá ti fọ àdìrẹ rí mọ ohun tó ń bọ̀. Ó fẹ́ rí i.

Ẹ kíyè sí i pé ọwọ́ ti wà lókè omi kí fídíò tó bẹ̀rẹ̀. Nínú èyí tá a kọ́kọ́ yà, ìyá dìde, wọ́n mú aṣọ lórí àga, wọ́n rìn wá síbi abọ́. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin lọ níbẹ̀, kò sì sí ohun tí ojú rí. Ẹ gé ìrìn kúrò.

Ẹ tún wò ó láìsí ohùn. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń wo fídíò nínú mọ́tò, nínú ìpàdé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ tó ń sùn, tí wọ́n ti pa ohùn fóònù. Tó bá jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan ló gbé ìdánidúró yín, àwọn yẹn ti kọjá. Abọ́ funfun àti aṣọ dúdú kò nílò etí.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ìkíni, tó dá àríyànjiyàn sílẹ̀ láàárín èmi àti ìyá. "Báwo ni màá ṣe lanu sí ọmọ ọlọ́mọ láìkí i? Wọ́n á ní mi ò lẹ́kọ̀ọ́." Mi ò lè bá wọn jiyàn lórí ìyẹn, torí òótọ́ ni. Mo wá fi aago fóònù díwọ̀n ìkíni tó wà nínú fídíò wọn àkọ́kọ́: "Ẹ káàárọ̀ o, ẹ káàsán o, ẹ kú alẹ́ o, gbogbo ẹ̀yin oníbàárà wa nílé lóko." Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́fà. Mo fi han ìyá pé ìdá márùn-ún owó wọn ni wọ́n ti ná kí wọ́n tó dé ìsọ̀. Ibi tá a fàbọ̀ sí ni pé ìyá á fi "ẹ" bá gbogbo èèyàn sọ̀rọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, wọ́n á rẹ́rìn-ín músẹ́ sí wọn nígbà tí wọ́n bá gbójú sókè, ìkíni tó kún á sì wà nínú ọ̀rọ̀ tá a kọ sábẹ́ fídíò, níbi tí kò ti ń gba àsìkò lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá fi ARO ránṣẹ́, ìkíni ni ìyá fi ń dá a lóhùn kí àwòrán tó tẹ̀ lé e. Inú wọn dùn sí ìyẹn.

Ìdánidúró méjì kan wà tí mi ò fẹ́ràn. Ọ̀kan ni igbe: "Ẹ gbà mí o!" Èèyàn á dúró lóòótọ́, àmọ́ nígbà tó bá rí i pé aṣọ lẹ̀ ń tà, á bínú kọjá lọ, lọ́jọ́ mìíràn kò sì ní dúró. Èkejì ni "Ṣé ẹ mọ̀ pé…?" Ẹni tó ti rẹ̀ á dáhùn lọ́kàn ara rẹ̀ pé òun ò mọ̀, òun ò sì fẹ́ mọ̀.

Àkọsílẹ̀ náà fúnra rẹ̀

Ẹ fa ilà sí àárín ìwé. Apá òsì ni ohun tí ojú ń rí, apá ọ̀tún ni ohun tí ẹnu ń sọ. Tí apá òsì bá ṣófo níbì kan, fídíò yín ti di rédíò níbẹ̀. Èyí tá a lò rèé.

Ìṣẹ́jú àáyá 0 sí 4. Ojú rí: ọwọ́ mú àdìrẹ lókè abọ́ funfun, ó rọra ń sún mọ́ omi. Ẹnu sọ: "Àdìrẹ tuntun rèé. Ẹ wo omi tí mo fẹ́ rì í sí."

Ìṣẹ́jú àáyá 4 sí 22. Ojú rí: aṣọ wọ inú omi, ọwọ́ ń fún un, ó ń rà á, ìyá gbójú sókè, ọwọ́ gbé aṣọ jáde, fóònù sún mọ́ omi inú abọ́. Ẹnu sọ: "Ẹ̀ ń bẹ̀rù pé á ṣí, àbí? Aró tó kù lára aṣọ ló máa ń ṣí. Àwa kì í ta aṣọ tá a ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ nínú aró. A máa ń fọ̀ ọ́ ní omi mẹ́rin, títí omi á fi mọ́, ká tó sá a. Ẹ wò ó: omi ṣì mọ́."

Ìṣẹ́jú àáyá 22 sí 30. Ojú rí: àdìrẹ márùn-ún lórí okùn, nọ́ńbà àti ọ̀rọ̀ náà ARO lójú fídíò. Ẹnu sọ: "Ọnà márùn-ún ló wà nílẹ̀ báyìí. Ẹ kọ aró sí mi lórí WhatsApp, màá fi gbogbo ẹ̀ hàn yín."

Ọ̀rọ̀ 81 ni gbogbo rẹ̀. Ẹ má kàn gba iye yẹn lọ́wọ́ mi, torí ẹnu yàtọ̀ sí ẹnu. Ẹ ka ohunkóhun tẹ́ ẹ bá rí nílé sókè fún ìṣẹ́jú àáyá 30, bí ẹni ń bá aládùúgbò sọ̀rọ̀, kẹ́ ẹ ka iye ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ sọ. Ẹ yọ bí mẹ́wàá kúrò fún èémí àti fún ibi tí ọwọ́ ti ń ṣiṣẹ́ tí ẹnu gbọ́dọ̀ dákẹ́. Iye yín nìyẹn. Àwọn tó bá ka ìmọ̀ràn lórí èyí lédè Gẹ̀ẹ́sì á rí iye tó kéré sí èyí, torí pé ọ̀rọ̀ tiwa kúrú: "á", "ń", "ló" jẹ́ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan lójú ìwé, àmọ́ wọn kì í pẹ́ lẹ́nu.

Lẹ́yìn náà, ẹ gbé aago sílẹ̀, kẹ́ ẹ kà á sókè lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Kíkà sínú kò sí lára rẹ̀. Àkọsílẹ̀ tí mo kọ́kọ́ ṣe gba ìṣẹ́jú àáyá 38. Gbólóhùn kan wà níbẹ̀ tó ní: "Ohun tó fà á tí ọ̀pọ̀ àdìrẹ tí ẹ máa ń rà lọ́jà fi máa ń ṣí ni pé aró tó kù lára aṣọ náà kò tíì jáde tán." Ìyá kà á, wọ́n ní, "Ta ló ń sọ̀rọ̀ báyìí?" Wọ́n sọ ọ́ lọ́nà tiwọn: "Aró tó kù lára aṣọ ló máa ń ṣí." Ìṣẹ́jú àáyá bí mẹ́rin ló kúrò níbẹ̀ nìkan. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń jẹ́ kí ọlọ́jà kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ lẹ́nu ara wọn kí n tó gé ohunkóhun.

Ẹ fi àmì ohùn sí i, pàápàá tó bá jẹ́ pé ẹlòmíràn ló máa kà á. Mo kọ ọ̀rọ̀ ìpolówó kan fún oníbàtà nígbà kan, mo fi í ránṣẹ́ sí iléeṣẹ́ rédíò kan láìfi àmì kankan sí i. Ẹni tó kà á kò rí i tẹ́lẹ̀. Ó ní: "Ẹ wá ra bàtá tó gbó keke." Ó lọ lórí afẹ́fẹ́ bẹ́ẹ̀ kí n tó gbọ́. Èmi ni mo jẹ̀bi, àmì kan péré ni ì bá gbà mí.

Tí kò bá ṣiṣẹ́

Status WhatsApp á sọ iye ẹni tó ṣí fídíò yín fún yín, kò ní sọ ibi tí wọ́n ti kúrò. Nítorí náà, tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ ibi tó ti bàjẹ́, ẹ gbé fídíò kan náà sórí YouTube pẹ̀lú, kẹ́ ẹ wo ibi tí wọ́n kọ Audience retention sí nínú YouTube Studio. Ilà kan wà níbẹ̀ tó ń fi iye ẹni tó ṣì ń wò hàn bí fídíò ṣe ń lọ. Kì í tẹ́jú, gbogbo fídíò ló ń pàdánù èèyàn, ibi tó ti já wálẹ̀ lójijì ni kẹ́ ẹ wò.

Tó bá já láàárín ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta àkọ́kọ́, ìdánidúró ni. Ẹ má fọwọ́ kan ìyókù, ẹ tún ìbẹ̀rẹ̀ nìkan yà. Tó bá já láàárín, ó sábà máa ń jẹ́ pé kókó kejì ti yọ́ wọlé. Ẹ lọ sí ìṣẹ́jú àáyá yẹn gan-an, kẹ́ ẹ gbọ́ ohun tẹ́ ẹ ń sọ níbẹ̀. Èyí tó ń tanni jẹ jù ni kí ilà dúró dáadáa dé òpin, kí ẹnikẹ́ni má sì kọ ọ̀rọ̀ kankan sí yín. Àwọn ọlọ́jà á ní àwọn èèyàn kò lówó lọ́wọ́. Ó lè rí bẹ́ẹ̀, àmọ́ ẹ kọ́kọ́ yẹ ìpè wò: ṣé ó ṣeé fi àtàǹpàkò ṣe, ṣé ẹyọ kan ni, ṣé wọ́n rí nọ́ńbà kà?

Ìkẹyìn yẹn ló ṣẹlẹ̀ sí wa. Ìyá gbé fídíò jáde, àwọn èèyàn wò ó, wọ́n yìn ín, ARO kò wọlé. Mo gba fóònù kékeré ọwọ́ ọmọ wọn, mo gbé e jìnnà díẹ̀ sójú, mo wò ó. Funfun ni mo fi kọ nọ́ńbà náà, orí ọnà funfun àdìrẹ ló sì bọ́ sí. Nínú òǹkà 11, mẹ́fà péré ni mo lè kà. A ya ìparí yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i, a ká àwọn aṣọ náà sápá kan, mo sì fi nọ́ńbà sórí ògiri dúdú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, lẹ́tà ńláńlá. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, ìyá pè mí pé ARO mẹ́rin ti wọlé, ọ̀kan láti òkè òkun, pé ṣé kí àwọn fi Ìbàdàndùn náà ránṣẹ́ sí i.